“However” àti “moreover” tó pọ̀ jù nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì: bí a ṣe ń tún un ṣe

Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí mo kọ tó gùn díẹ̀, olùkọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò kò kọ àlàyé kankan sí i. Ó kàn fi bírò pupa fa òbìrìkìtì yí ọ̀rọ̀ kan ká káàkiri ojú ewé, ó sì kọ 9 gàdàgbà sísàlẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo ṣebí máàkì ni. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé iye ìgbà tí mo kọ “however” ló kà.

Ẹ̀bi mi nìkan kọ́. Bébà kan wà tí wọ́n máa ń pín fún akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n to ọ̀rọ̀ asopọ̀ sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́: ìwọ̀nyí fún àfikún, ìwọ̀nyí fún àtakò, ìwọ̀nyí fún ìdí, ìwọ̀nyí fún ìparí. “Moreover” wà nínú ọ̀wọ́ ti àfikún, “however” wà nínú ti àtakò. Akẹ́kọ̀ọ́ á há wọn sórí, á sì máa gbé ọ̀kan lé iwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń dé fìlà fún ọmọ. Ohun tí bébà náà kì í sọ ni pé gbólóhùn méjì tí ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀ kò nílò alárinà rárá.

Àwọn tó ń ṣe ìdánwò IELTS á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan máàkì. Nínú iṣẹ́ kejì ti apá ìkọ̀wé, ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n máa ń gbà wá nímọ̀ràn pé ká lò, àròkọ náà kò sì gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250. Òṣùwọ̀n mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣe ìdíyelé rẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dá lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra. Nínú àlàyé tí wọ́n gbé síta fún gbogbo ayé, ẹni tó bá gba 9 ni ẹni tí ìsopọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sábà pe àfiyèsí sí ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣàpèjúwe ẹni tó wà ní 5, àlòjù ọ̀rọ̀ asopọ̀ wà lára àléébù tí wọ́n dárúkọ. Ẹni tó ń kó “moreover” jọ kí olùyẹ̀wò lè rí i pé òun mọ ọ̀rọ̀ ńlá, máàkì ara rẹ̀ ló ń gé.

Ó sì yani lẹ́nu pé àwa tá a ń sọ Yorùbá la ń jìn sí kòtò yìí, torí pé èdè wa mọ ìsopọ̀ tí kì í pariwo. Ẹ wo “sì” wa: “Ó wọlé, ó sì jókòó.” Ẹ̀yìn olùwà ló jókòó sí, kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà gbólóhùn máa ké pe èèyàn. Bí a bá ń pa àlọ́, Ìjàpá á dìde, á gbé àdá, á gba oko lọ, kò sì sẹ́ni tó ń retí ọ̀rọ̀ asopọ̀ láàárín gbogbo ìrìn yẹn. Ọgbọ́n kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè. Irinṣẹ́ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún àròkọ tó ti ní àìsàn yìí, tèmi tàbí ti ẹlòmíràn, ni mo fẹ́ tò síbí ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ àròkọ tán ni kí ẹ ṣe é. Bí ẹ bá ń rò ó nígbà tí ẹ ṣì ń kọ, ọwọ́ yín á máa wọ́ nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kà wọ́n

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ `Ctrl + F`, kí ẹ kọ `however` sínú àpótí ìwákiri. Ẹ kọ iye tó bá gbé jáde sílẹ̀, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún `moreover`, `furthermore` àti `in addition`. Tó bá jẹ́ orí bébà lẹ kọ ọ́ sí, ẹ fi pẹ́ńsù yí wọn ká bí olùkọ́ mi ti ṣe.

Kò sí òfin kan tó ní ó gbọdọ̀ jẹ́ báyìí báyìí. Ní tèmi, “however” kan ṣoṣo ti tó fún àròkọ ọlọ́rọ̀ 250, “moreover” kan náà sì tó, tó bá tiẹ̀ wà rárá. Bí mo bá rí mẹ́ta nínú ìpínrọ̀ kan, mo ti mọ̀ pé ohun kan wó lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè nìkan.

Irú “however” kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ kà mọ́ wọn o. Èyí tó wà nínú “however hard she tried” kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtakò. “Bó ti wù kó gbìyànjú tó” ló túmọ̀ sí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ gbogbo wọn

Ẹ ṣe ẹ̀dà àròkọ náà kí ojúlówó má baà bàjẹ́, kí ẹ wá pa gbogbo ọ̀rọ̀ asopọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ́ nínú ẹ̀dà náà. Gbogbo rẹ̀ ni o, títí kan èyí tí ẹ fẹ́ràn. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè, ketekete. Ojú máa ń fo ohun tí etí kò ní gbà.

Níbi tí ẹ bá kà kọjá láìkọsẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ asopọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kankan. Níbi tí ẹ ti dúró, tí ẹ fẹ́ padà sẹ́yìn láti mọ bí gbólóhùn kejì ṣe bá èkíní tan, ẹ fi àmì síbẹ̀. Nínú àròkọ tí mo máa ń yẹ̀ wò, ibi tí àmì máa ń wà kì í tó ìdajì ibi tí ọ̀rọ̀ asopọ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bi àlàfo náà ní ìbéèrè

Níbi tí ẹ fi àmì sí, ẹ má tíì wá ọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá bi ara yín: kí ni gbólóhùn kejì ń ṣe fún èkíní? Ṣé ó ń ta kò ó ni? Ṣé ó ń fi ẹ̀rí kún un? Ṣé ó ń ṣàlàyé rẹ̀, tàbí ó ń sọ ohun tó tìdí rẹ̀ yọ?

Níbí ni ìpínrọ̀ kan láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí mo kọ́ ti máa wúlò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lórí bóyá ó yẹ kí fóònù máa wọ kíláàsì. Mo sọ ohun tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń sọ di Yorùbá kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè hàn kedere, mo sì fi ọ̀rọ̀ asopọ̀ sílẹ̀ bó ṣe fi í síbẹ̀:

1. Fóònù wúlò nínú kíláàsì.
2. Moreover, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.
3. However, ó máa ń gba ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nídìí ẹ̀kọ́.
4. Moreover, bí ìsọfúnni kan bá wọlé, ó máa ń dí àwọn tó jókòó nítòsí lọ́wọ́.
5. However, àwọn olùkọ́ kan máa ń kó fóònù sínú àpótí títí dìgbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀.
6. However, àpótí kò ṣe nǹkan kan bí fóònù inú rẹ̀ bá ṣì ń dún.

Gbólóhùn mẹ́fà, ọ̀rọ̀ asopọ̀ márùn-ún. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Moreover” ti gbólóhùn kejì parọ́. Wíwo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe àǹfààní mìíràn tó wà lẹ́yìn pé fóònù wúlò, òun gan-an ni ìwúlò náà. Àlàyé ni, kì í ṣe àfikún. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí: òǹkàwé á gbọ́ “moreover”, á múra láti gba ẹ̀rù kejì, á wá rí i pé ẹ̀rù àkọ́kọ́ náà ni wọ́n tún gbé fún òun.

“However” ti gbólóhùn kẹta sọ òótọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ti gbólóhùn kẹrin náà kò burú: aburú kejì ni, ó sì wúwo ju èkíní lọ, nítorí ẹni tí kò mú fóònù dání pàápàá ń jìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Àtakò wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ rí ohun tó ń ṣe òǹkàwé. Fóònù dáa. Rárá, kò dáa. Rárá, ó ní àtúnṣe. Rárá, àtúnṣe náà kò pé. Ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Ohun tí mo pè ní wíwó lábẹ́ nìyẹn. “However” tó bá pọ̀ nínú ìpínrọ̀ kan sábà máa ń fi hàn pé òǹkọ̀wé kò tíì pinnu ibi tó ń lọ, ó ń kọ èrò sílẹ̀ bó ṣe ń wá sí i lọ́kàn, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ náà lẹ ojú rírán pọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ gbogbo “however” náà sí “nevertheless”, ọrùn ṣì máa yí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn ìmọ̀ràn tó ní kéèyàn lọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́. Pípààrọ̀ “moreover” sí “furthermore” dà bíi kéèyàn bọ́ agbádá kan kó wọ òmíràn, ooru tó ń mú un kò dín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tún ọ̀rọ̀ tò kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ asopọ̀

Ẹ kó ohun tó wà ní ìhà kan jọ, kí ẹ kó ti ìhà kejì náà jọ, kí ọ̀rọ̀ lè yí padà lẹ́ẹ̀kan péré láàárín wọn. Nínú ìpínrọ̀ fóònù yìí, gbólóhùn kìíní àti ìkejì jẹ́ ìhà kan, ìkẹta àti ìkẹrin jẹ́ ìhà kejì. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà jẹ́ ọ̀rọ̀ àtúnṣe, tí kì í ṣe ti ìhà méjèèjì. Bí ìtò rẹ̀ bá ti hàn báyìí, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ asopọ̀ á ti sá lọ fúnra wọn. Bí a ṣe jọ tún un kọ nìyí:

```
Phones can be useful in class: a student can check the
meaning of a word in seconds. But the same phone pulls
attention away from the lesson, and one message disturbs
the students nearby as well as the owner. Some teachers
keep the phones in a box until they are needed. The box,
however, works only if every phone in it is silent.
```

Gbólóhùn mẹ́rin, “but” kan, “however” kan, kò sí “moreover”. Síbẹ̀ kò sí ibi tó já. Kí ló wá so ó pọ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mú irinṣẹ́ tó kéré jù tó lè ṣe iṣẹ́ náà

Mo máa ń gbìyànjú wọn láti orí èyí tó fúyẹ́ jù lọ.

Èyí tó fúyẹ́ jù ni àmì ìkọ̀wé. Láàárín “useful in class” àti “a student can check”, àmì tó tò bí ẹyọ méjì lórí ara wọn, ìyẹn kólọ́nù, ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ó ń sọ fún òǹkàwé pé àlàyé ohun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ló ń bọ̀ yìí. “Moreover” tó parọ́ lẹ́ẹ̀kan ti kúrò, òótọ́ sì ti wọlé láìlo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni pípe ọ̀rọ̀ orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo “a box” nínú gbólóhùn kẹta, kí ẹ wo “The box” ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹrin. Ohun tí gbólóhùn kan dárúkọ ni èkejì fi gbéra. Òǹkàwé kì í fo kòtò kankan. “The same phone” náà ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú gbólóhùn kejì. Wọ́n máa ń kọ́ wa nílé ìwé pé àtúnwí kò dáa, akẹ́kọ̀ọ́ á wá pe àpótí ní “container” nínú gbólóhùn kan, á pè é ní “receptacle” nínú òmíràn, òǹkàwé á máa wò ó bóyá àpótí mẹ́ta ni. Ẹ jẹ́ kí àpótí máa jẹ́ àpótí.

Nígbà mìíràn, odindi ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ fẹ́ tọ́ka sí, kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ lo “this” pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orúkọ kan tó kó ìṣẹ̀lẹ̀ náà mọ́ra. Ká ní ẹ ti sọ pé wọ́n sún ìdánwò síwájú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbólóhùn tó kàn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “This delay”. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ó so wọ́n pọ̀, ó sì dá ẹjọ́ díẹ̀ mọ́ ọn, torí pé ẹ lè pè é ní “This relief” tó bá jẹ́ pé ìtura ló jẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. “This” nìkan láìsí ọ̀rọ̀ orúkọ lẹ́yìn rẹ̀ léwu, nítorí òǹkàwé lè má mọ èwo nínú nǹkan mẹ́ta tí ẹ ti sọ lẹ ń tọ́ka sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kéékèèké: “but”, “and”, “so”, “also”, “yet”. Wọ́n máa ń sọ fún ọmọ ilé ìwé pé “but” kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tó gbóná ń lò ó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, nínú àròkọ tó le pàápàá. Ìyàtọ̀ kan tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé kọ́mà kì í sábà tẹ̀ lé “But”, àmọ́ ó máa ń tẹ̀ lé “However” tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn.

Irinṣẹ́ tó wúwo díẹ̀ ni “although”, òun ni mo sì fẹ́ ká dúró lé lórí, torí pé ohun tí “however” kò lè ṣe ló ń ṣe. “However” máa ń gbé gbólóhùn méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan kò ju èkejì. “Although” máa ń sọ ọ̀kan di awẹ́ gbólóhùn afarahẹ, á sì jẹ́ kí èkejì jẹ́ olórí. Èrò yín gbọ́dọ̀ wà nínú olórí. Ẹ wo méjì yìí:

```
Although the plan is cheap, it is slow.
Although the plan is slow, it is cheap.
```

Ohun kan náà ni wọ́n sọ nípa ètò náà. Síbẹ̀, ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ kò fẹ́ ètò yẹn, ẹni tó kọ ìkejì sì fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní “The plan is cheap. However, it is slow”, òǹkàwé á gbọ́ àtakò, ìdájọ́ yín kò sì ní hàn tó báyẹn.

Ẹ ṣọ́ra níbí, ìkẹkùn kan wà fún àwa ọmọ Yorùbá. Nínú èdè wa, “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé” máa ń ní ẹnì kejì: “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n, síbẹ̀ wọ́n rà á.” Àwọn mìíràn á ní “ṣùgbọ́n wọ́n rà á”. Ìyẹn ló ń jẹ́ ká máa kọ “Although the plan is cheap, but it is slow”. Gẹ̀ẹ́sì kò gba méjèèjì pọ̀. Bí “although” bá ti wà níwájú, “but” gbọ́dọ̀ kúrò láàárín, kọ́mà nìkan ló kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: “however” tó bá yege, ẹ wá ibi tó yẹ kó jókòó

Ẹ ó ti rí i pé nínú ìpínrọ̀ tá a tún kọ, “however” kò sí níwájú gbólóhùn, ẹ̀yìn “The box” ló wà. Kì í ṣe àṣà lásán. Ibi tó bá jókòó sí ni ó ti ń tọ́ka sí ohun tí à ń fi wé òmíràn. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣe é gẹ́lẹ́, ìyẹn “ẹ̀wẹ̀”. A máa ń sọ pé: “Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ìyípadà náà. Àwọn olùkọ́, ẹ̀wẹ̀, kọ̀ jálẹ̀.” Nínú irú gbólóhùn yìí, ẹ̀yìn ẹni tí ọ̀rọ̀ yí sí lọ́dọ̀ ni “ẹ̀wẹ̀” máa ń wà.

```
The students wanted the change. The teachers, however, refused.
```

Ìdánwò tí mo máa ń ṣe nìyí: bí mo bá lè fi “ẹ̀wẹ̀” sí i ní Yorùbá kó sì dùn, inú gbólóhùn ni “however” yẹ. Bó bá jẹ́ “ṣùgbọ́n” lásán ni Yorùbá rẹ̀ ń béèrè, “but” ni mo máa ń kọ. Bó bá sì jẹ́ odindi ìpínrọ̀ ló fẹ́ yí padà kúrò nídìí ọ̀rọ̀ ìpínrọ̀ tó ṣáájú, mo máa ń jẹ́ kí “However” dúró níwájú, torí ibẹ̀ ló ti yẹ kéèyàn gbọ́ ọ láti òkèèrè.

Àmì ìkọ̀wé rẹ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. “However” kò lágbára tí “but” ní láti fi kọ́mà nìkan so gbólóhùn méjì tó dá dúró pọ̀. Nínú mẹ́ta tó tẹ̀ lé e yìí, ti àkọ́kọ́ kò tọ̀nà, méjì ìsàlẹ̀ tọ̀nà:

```
The plan is cheap, however, it is slow.

The plan is cheap; however, it is slow.
The plan is cheap. However, it is slow.
```

Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kí ẹ gbé “however” kúrò pátápátá. Bí ohun tó kù bá jẹ́ gbólóhùn méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá dúró, àmì ìdánudúró tàbí sẹmikólọ́nù gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Bó bá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù, bíi “The teachers refused”, kọ́mà méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ti tó. Ẹ má gbàgbé kọ́mà ẹ̀yìn yẹn. Òun ni wọ́n máa ń jẹ jù.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi “moreover” sórí òṣùwọ̀n

“Moreover” kì í ṣe “àti pé” lásán. Ohun tó súnmọ́ ọn ní Yorùbá ni “kì í ṣe ìyẹn nìkan”, ìgbà tí ẹ ti fi ẹ̀rí kan lélẹ̀, tí ẹ wá fẹ́ gbé èyí tó tún wúwo lé e kí ẹnu lè pa mọ́. Ó ń béèrè nǹkan méjì: kí gbólóhùn méjèèjì máa ti ìpinnu kan náà lẹ́yìn, kí ìkejì sì lágbára tó èkíní ó kéré tán. Ká ní à ń jiyàn pé kí wọ́n ti afárá kan pa:

```
The bridge is old. Moreover, two of its supports have cracked.
The bridge is old. Moreover, it is painted blue.
```

Ti àkọ́kọ́ wọ̀: ogbó jẹ́ ẹ̀rí, òpó tó sán tún jẹ́ ẹ̀rí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ìkejì á pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀dà aláwọ̀ búlúù kò ti afárá pa rí. Kò sí ẹni tó máa kọ èyí tán tí kò ní rí i, ṣùgbọ́n ẹ wo “moreover” inú àròkọ yín dáadáa, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ ọ̀dà búlúù. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ wọn kò ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kúrò. Èyí tó bá jẹ́ àfikún lóòótọ́ tí kò wúwo tó ti ìṣáájú, “also” láàárín gbólóhùn tó o: “It also needs new lights.”

Nígbà tí a bá gé e jù

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí mo sọ yẹn lọ sílé, ó sì fi ìbínú yọ gbogbo ọ̀rọ̀ asopọ̀ inú ìyókù àròkọ rẹ̀. Ó kó o wá fún mi, ó ní, “Ẹ kò ní rí ẹyọ kan níbẹ̀ mọ́, sà.” Lóòótọ́, mi ò rí. Ibi tí mo sì ti kọsẹ̀ ni ìpínrọ̀ kẹta, níbi tó ti kọ báyìí:

```
Many parents want to reach their children at any hour.
The school office has a telephone.
```

Mo bi í pé kí ni tẹlifóònù ọ́fíìsì ń ṣe níbí. Ó ní ohun tóun ń sọ ni pé òbí kò nílò kí ọmọ mú fóònù wá, wọ́n lè pe ọ́fíìsì. Mo ní mo ṣebí ó fẹ́ sọ pé torí pé àwọn òbí fẹ́ máa rí ọmọ wọn bá sọ̀rọ̀ ni ilé ìwé ṣe ra tẹlifóònù. Òun náà tún un kà, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó rí i pé méjèèjì ló ṣeé gbà.

Àlàfo tí kò gbọdọ̀ ṣófo nìyẹn. Níbi tí òǹkàwé lè rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín gbólóhùn méjì jẹ́ nǹkan mìíràn sí ohun tí ẹ ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ asopọ̀ jẹ́ dandan. Kólọ́nù kò lè yanjú rẹ̀, àtúnwí ọ̀rọ̀ orúkọ náà kò lè ṣe é.

Ó bi mí bóyá òun lè dá “However” padà síbẹ̀. Mo ní kó kà á sókè lọ́nà méjèèjì. Ó kà á tán, ó mú pẹ́ńsù, ó kọ “But” síwájú “the school office”, ó sì yí T ńlá náà padà sí kékeré.